Láti ìdí jẹnẹrétọ̀ dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń tọ ipa iná lórí àwòrán onílà kan

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ wo àwòrán yìí. Ilé alájà mẹ́ta kan ni wọ́n yà á fún. Mo ti yọ gbogbo ẹ̀ka tí kò kàn wá lónìí kúrò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀.

```
G1   100 kVA  400/230 V
 |
Q1   160 A  3P  Ir = 144 A
 |
 |   4 x 70 mm2
 |
ATS  250 A  4P  <--- Q0  250 A
 |
==== MDB  250 A ====
 |
Q5   100 A  3P
 |
 |   4 x 25 mm2  40 m
 |
==== DB-2 ====
 |
F7   20 A  C  1P+N  30 mA
 |
 |   3 x 2.5 mm2
 |
7/1 ... 7/6
```

Ẹ bá mi fi ìka lé G1 lókè, ká jọ máa sọ̀ kalẹ̀ títí a ó fi dé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀. Ohun kan kù nínú àwòrán yìí tó lè pa èèyàn. Ẹni tó bá tètè rí i, kó jọ̀ọ́ bá mi pa á mọ́ra ná. A máa dé ibẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo lẹ rí, àmọ́ wáyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Láti G1 títí dé DB-2, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó wà ní àjà kejì, wáyà mẹ́rin ló ń rìn pọ̀: fésì mẹ́ta àti níútírà. Ẹ̀karùn-ún wọn, ìyẹn ẹ́ẹ̀tì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó ya àwòrán yìí kò kàn kọ ọ́ ni. Ó fẹ́ kí bébà kan gba gbogbo ilé, ló bá ká wáyà mẹ́rin jọ sójú ìlà kan, ó sì kó ìyókù ọ̀rọ̀ sínú àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ojú nìkan kọ́ la fi ń tọ ipa iná. Níbikíbi tí ìlà bá ti kan àmì kan, ẹ bi àmì náà léèrè: wáyà mélòó ló wọ inú rẹ, mélòó nínú wọn lo sì lè gé? Ìdáhùn ìbéèrè kejì ló wà nínú 3P àti 4P yẹn. 3P gé fésì mẹ́ta, ó fi níútírà sílẹ̀ bó ṣe wà. 4P gé níútírà mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni yóò dá wa lóhùn níkẹyìn.

Ẹ padà sókè. Lórí bébà gidi, G1 máa ń jẹ́ òbìrí kan tí lẹ́tà G wà nínú rẹ̀. 100 kVA tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe iye tí a lè fi sínú bírékà, torí ámpù ni bírékà mọ̀. Ẹ jẹ́ ká yí i padà:

```
I = S / (1.732 x U) = 100000 / (1.732 x 400) = 144 A
```

Ámpù 144 lórí fésì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo agbára tí jẹnẹrétọ̀ yìí ní. Ibẹ̀ ni 144 tó wà lára Q1 ti wá. Bírékà ámpù 160 ni wọ́n rà, nítorí pé wọn kì í ṣe bírékà ámpù 144 tà, wọ́n wá yí bọ́tìnì ojú rẹ̀ wá sílẹ̀ sí 0.9, kó lè dáàbò bo álítánétọ̀, ìyẹn apá jẹnẹrétọ̀ tó ń pèsè iná, kí ilé má fa ju ohun tó lè gbé lọ. Bí ẹ bá dé ìdí Q1 lójú iṣẹ́, tí ẹ bá a pé wọ́n ti yí i padà sí 1.0, ó ti rẹ ẹnì kan nítorí pé ó ń já, ó sì rò pé bírékà ló bàjẹ́. Ẹrù tó pọ̀ jù ni. Ẹ tún kíyè sí àmì tó wà lórí ẹsẹ̀ bírékà nínú àwòrán gidi: èyí tó ní àgbélébùú kékeré lórí jẹ́ bírékà, ó lè gé iná nígbà tí wáyà bá gbá ara wọn. Èyí tó ní igi kékeré tó dábùú lásán jẹ́ súìsì ìyàsọ́tọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi ti ìkejì gé iná ọ̀ràn, ọwọ́ yín ni yóò jó.

Nísàlẹ̀ Q1 la ti kan ATS, ṣenjóófà tó ń yí ara rẹ̀ padà. Ẹnu méjì ló ní, ìdí kan. Ẹnu kan gba ti jẹnẹrétọ̀, ẹnu kejì gba iná ìta láti Q0. Nínú àwòrán gidi, ìlà oníkékeré tó já-já máa ń so ẹnu méjèèjì pọ̀. Wáyà kọ́ nìyẹn o. Irin tó dè wọ́n ni, kí méjèèjì má baà pa pọ̀ láéláé. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìlà yẹn sí okùn iná, tó sì ń wá a kiri nínú ilé.

Ohun tó ṣe pàtàkì ní ìdí ṣenjóófà ni mímọ ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀dù èyíkéyìí tó bá ti yà kúrò lára ọ̀nà Q0 kí ó tó dé ATS kò ní rí iná jẹnẹrétọ̀, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n pè mí rí sí ilé kan pé sọ́kẹ́ẹ̀tì apá kan kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún. Oníṣẹ́ tó ṣáájú mi ti tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án. Mo ní kí wọ́n gbé àwòrán wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo ń gòkè, mo sì rí i pé bọ́ọ̀dù wọn so mọ́ òkè ṣenjóófà. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìbéèrè bá jẹ́ "ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ní iná jẹnẹrétọ̀?", láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo máa ń tọ̀ ọ́. Ẹ̀ka pọ̀ bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó rọrùn láti ṣìnà. Bí a bá ń gòkè, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń wà títí a ó fi kan ṣenjóófà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbí tí mi ò lè fò. Ẹnì kan fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí MDB, ìyẹn bọ́ọ̀dù àgbà ilé. Ó rí i lórí àwòrán pé Q0 ló ń bọ́ ọ, ó sì lọ pa Q0. Bọ́ọ̀dù kú lóòótọ́. Ó fi tẹ́sítà kàn án, kò tàn. Àmọ́ kí ni ṣenjóófà rí? Ó rí i pé iná ìta ti lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe: ó ka ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó ní kí jẹnẹrétọ̀ dìde, ó yí ẹnu padà, básìbáà tí ọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ lé sì tún yè. Orísun méjì ló wà lórí àwòrán yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí MDB kú gbọ́dọ̀ pa Q0, kó pa Q1, kó fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n, kó sì gbé bọ́tìnì jẹnẹrétọ̀ kúrò ní òtòmátíìkì. Bó bá jẹ́ DB-2 nìkan ló fẹ́ fọwọ́ kàn, Q5 ló yẹ kó pa, torí pé ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ló wà. Ibi tí ìlà méjì bá ti di ọ̀kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti gé.

Ìlà tó nípọn ni MDB, ìyẹn ọ̀pá bàbà tí a ń pè ní básìbáà. Ẹ má dúró pẹ́ níbẹ̀. Q5 kúrò lára rẹ̀, okùn mítà 40 gbé iná gòkè lọ sí àjà kejì, a sì kan DB-2.

Ní DB-2 ni ìtumọ̀ ìlà wa ti yí padà, àwòrán kò sì sọ fún wa. Wáyà mẹ́rin ló wọlé, àmọ́ F7 mú fésì kan ṣoṣo nínú mẹ́ta, ó mú níútírà, ó sì jáde lọ bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóòtì 400 wà láàárín fésì méjì lókè. Fóòtì 230 ló wà láàárín fésì kan àti níútírà nísàlẹ̀. Ẹ wò ó, 3 x 2.5 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ F7. Mẹ́ta yìí kì í ṣe fésì mẹ́ta mọ́. Fésì kan ni, níútírà kan, ẹ́ẹ̀tì kan. Nọ́ńbà kan náà, ohun tó yàtọ̀ pátápátá. Fésì wo gan-an ni F7 mú? Àwòrán onílà kan kì í sábà sọ. Inú tábìlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù lẹ ó ti rí i, bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ olóòótọ́.

F7 ń ṣe iṣẹ́ méjì. 20 A àti lẹ́tà C jẹ́ fún ẹrù tó pọ̀ jù àti fún ìgbà tí wáyà bá gbá ara wọn: oní-C máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá wọ ìlọ́po 5 sí 10 ti iye rẹ̀, ìyẹn láàárín ámpù 100 sí 200. 30 mA jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́ kejì. Ó ń wọn iná tó ń lọ lórí fésì àti èyí tó ń bọ̀ lórí níútírà. Bí wọn kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé iná kan ti ṣáko, ó ti gba ara ẹ̀rọ tàbí ara èèyàn kọjá sínú ilẹ̀. Bí èyí tó ṣáko bá ti tó ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún kan ámpù, ó gbọ́dọ̀ gé e.

Títí di ìsinsìnyí, ìlọ iná nìkan la tọ̀. Oníṣẹ́ púpọ̀ máa ń ká bébà wọn níbí yìí. Àmọ́ iná kì í lọ láì bọ̀. Bí ó bá jáde láti inú wáyà tí wọ́n ká sínú álítánétọ̀, inú wáyà yẹn náà ló gbọ́dọ̀ padà sí. Nítorí náà ẹ fi ìka yín sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì 7/3, ká padà sílé.

Bí ẹ̀rọ tí a kì bọ̀ ọ́ bá yá gágá, iná gba níútírà padà: F7, DB-2, okùn mítà 40, MDB, pólù kẹrin nínú ATS, ó dé G1. Níbẹ̀ ni ìdí wáyà mẹ́ta inú álítánétọ̀ ti pàdé ní ojú kan, níútírà sì so mọ́ ojú ìpàdé yẹn. Ọ̀nà dán mọ́rán.

Wàyí o, ká ní fésì inú ẹ̀rọ yẹn bọ́, ó fara kan ara irin rẹ̀. Iná fẹ́ gba ẹ́ẹ̀tì padà. Ó kúrò lára irin, ó gba wáyà ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dé DB-2, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ní MDB, ó dé ara irin jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ku bí ọwọ́ kan kó wọ ojú ìpàdé, àmọ́ kò sí ohun tó so ara irin jẹnẹrétọ̀ pọ̀ mọ́ ojú ìpàdé náà. Ohun tó kù nínú àwòrán wa nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ìlà kékeré kan tó ti ara G1 yọ, tó lọ kan àmì ẹ́ẹ̀tì.

Kí ló dé tí ilé yẹn fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí iná ìta? Nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiransífọ́mà wọn, níútírà àti ẹ́ẹ̀tì ti so pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ATS bá wà lójú Q0, ilé yá ìsopọ̀ yẹn lò. Àmọ́ ATS wa jẹ́ 4P. Bó ṣe yí sí ojú jẹnẹrétọ̀, ó gé níútírà ìta mọ́ fésì, ó sì gé ìsopọ̀ tí ilé fi ń yá dànù. Ká ní 3P ni, níútírà ìta ì bá ṣì wà níbẹ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ ì bá sì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kékeré yìí, 4P, ló gbé ojúṣe kan lé G1 lórí, kò sì sí ẹni tó ṣe é.

Mo bá irú rẹ̀ pàdé ní ilé kan, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni bí gbogbo nǹkan ṣe ń díbọ́n bí ẹni pé ó yá. Iná ń tàn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì ìdánwò tó wà lójú F7 nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ó já pàá! Ẹni tó dúró tì mí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i, kò sí wàhálà." Àmọ́ bọ́tìnì yẹn kì í lo ẹ́ẹ̀tì. Inú bírékà fúnra rẹ̀ ló ti ń yọ́ iná díẹ̀ láti fésì sí níútírà, ó gba ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ kọjá. Ohun tó fi hàn wá kò ju pé ẹ̀ṣọ́ jí sílẹ̀. Kò sọ fún wa bóyá ọ̀nà wà tí iná tó ṣáko lè gbà padà.

Mítà ló tú àṣírí. Mo fi wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì lórí iná ìta: fésì sí níútírà, 230, fésì sí ẹ́ẹ̀tì, 230, níútírà sí ẹ́ẹ̀tì, kò tó 1. Mo ní kí wọ́n yí i sí jẹnẹrétọ̀. Fésì sí níútírà ṣì jẹ́ 230, àmọ́ fésì sí ẹ́ẹ̀tì di 140, níútírà sí ẹ́ẹ̀tì di 90, tí mo bá sì pa ẹ̀rọ kan tàbí tan òmíràn, nọ́ńbà méjèèjì á tún yí padà. Bí ẹ bá rí i pé fóòtì sí ẹ́ẹ̀tì ń rìn kiri báyìí, tí fésì sí níútírà sì dúró gbọin, jẹnẹrétọ̀ náà léfòó ni. Kò ní ìdákọ̀ró. Mo wá ki ẹ̀rọ ìdánwò gidi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ti 30 mA láti fésì sínú ẹ́ẹ̀tì. F7 kò mira. Kò lè mira, torí iná tó fẹ́ ṣáko kò rí ọ̀nà.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí bí kò bá sí ọ̀nà, kò sí ewu? Òótọ́ ni fún àṣìṣe àkọ́kọ́. Irin ẹ̀rọ yẹn kàn máa so gbogbo ẹ́ẹ̀tì ilé pọ̀ mọ́ fésì kan ni, láìsí ìró, láìsí bírékà tó já. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí fésì mìíràn bá bọ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn, fóòtì 400 ló máa bára wọn pàdé gba inú wáyà ẹ́ẹ̀tì, ibi tí èèyàn sì ń fọwọ́ kàn ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn: wáyà kan, láti ojú ìpàdé níútírà G1 sí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nínú àpótí jẹnẹrétọ̀ tàbí ní bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ so ó. Ẹ yẹ inú àpótí wò dáadáa kó má jẹ́ pé ẹnì kan ti so ó níbòmíràn, torí bí ìsopọ̀ bá di méjì lórí orísun kan, iná níútírà á pín ara rẹ̀, apá kan rẹ̀ á sì máa gba wáyà ẹ́ẹ̀tì padà lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí bí ṣenjóófà bá jẹ́ 3P tí ẹ sì lọ so òmíràn sí ìdí jẹnẹrétọ̀.

Lẹ́yìn tí a so ó, ó ku kí a bèèrè bóyá iná tó máa rí ọ̀nà padà pọ̀ tó láti já F7. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe tiransífọ́mà ìta. Bí wáyà bá gbá ara wọn, tiransífọ́mà lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpù jáde láìsinmi. Álítánétọ̀ máa ń fò sókè fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn náà á rẹ̀. Èyí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé pápá òòfà rẹ̀ ró lè di nǹkan bí ìlọ́po 3 mú fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ámpù 430 fún G1. Èyí tí kò ní i, fóòtì rẹ̀ á wó lulẹ̀. Ní ti F7, kò sí ìṣòro: okùn 2.5 tó gùn ní mítà 25 ní nǹkan bí óòmù 0.37 ní àlọ àti àbọ̀, iná tó sì máa gbà á kọjá ju 200 tí lẹ́tà C ń fẹ́ lọ. Q5 ló ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá gbé iye tó fi ń já lójú ẹsẹ̀ sí ìlọ́po 10, ẹgbẹ̀rún kan ámpù ló ń retí. Lórí iná ìta, yóò rí i. Lórí jẹnẹrétọ̀, 430 ni yóò rí lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́, á sì jókòó máa gbóná títí tí apá oníooru rẹ̀ yóò fi já, tí okùn mítà 40 náà á sì máa gbóná pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, bí bọ́tìnì rẹ̀ bá ṣeé yí, ẹ yí i wá sílẹ̀ sí ìlọ́po 3 tàbí 4, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí mọ́tò lábẹ́ DB-2 tí fífà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa já a.

Ní ilé tí mo ń sọ, ọjọ́ kejì la so wáyà náà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo padà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àjà kejì. Fésì sí ẹ́ẹ̀tì, 230. Níútírà sí ẹ́ẹ̀tì, kò tó 1. Mo ki ẹ̀rọ ìdánwò bọ̀ ọ́, F7 já kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Mo wá mú bírò, mo fa ìlà kúkúrú kan láti ara G1 sí àmì ẹ́ẹ̀tì lórí bébà wọn, mo kọ déètì sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn MDB.